Ìwé wo ló ni "a", èwo ló ni "b"? Bí a ṣe ń to ìwé òǹkọ̀wé kan tó jáde lọ́dún kan náà

Ní 1949, ìwé méjì D. O. Fágúnwà jáde: Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó. Ẹni tó bá ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ìtàn àròsọ Yorùbá lè má rí ọ̀nà yẹ ìkankan nínú méjèèjì sílẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ìlànà orúkọ-àti-ọdún ni wọ́n ń lò ní ẹ̀ka rẹ̀, ìyẹn èyí tí a fi ń kọ orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún tí ìwé jáde sínú àkámọ́ láàárín ọ̀rọ̀, ìṣòro ti dé nìyẹn. Bó bá kọ (Fagunwa, 1949), èwo nínú méjèèjì ló ń sọ? Ẹni tó ń kà á á ṣí ẹ̀yìn iṣẹ́ náà, á bá ìwé méjì lábẹ́ orúkọ kan náà àti ọdún kan náà, kò sì ní mọ èyí tó yẹ kóun lọ wá.

Lẹ́tà kékeré kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọdún ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀: 1949a, 1949b. Kò sí ẹni tó ti kọ púròjẹ́ẹ̀tì rí tí kò ní ti rí irú rẹ̀. Ohun tí kì í yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọ̀nà tí lẹ́tà gbà dé ibi tó wà. Àwọn kan rò pé ìwé táwọn kọ́kọ́ kà ni "a". Àwọn mìíràn rò pé èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú ọdún náà ni. Àwọn kan sì gbà pé lẹ́tà ti wà lára ìwé tẹ́lẹ̀, pé ẹnì kan níbì kan ló ti pín in, nítorí náà tí àwọn bá rí "1949b" nínú ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n kan, kí àwọn ṣáà dà á kọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń da iṣẹ́ rú jù lọ, nítorí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà kì í ṣe ti ìwé

Lẹ́tà tó wà lẹ́yìn ọdún kì í ṣe ara ohun tí ìwé ń jẹ́. Ẹ ò ní rí i lára èèpo ìwé, ẹ ò sì ní rí i lójú ewé tí ilé ìtẹ̀wé kọ ọdún sí. Ó dà bíi nọ́mbà tí wọ́n ń pín fáwọn tó wá rí dókítà láàárọ̀: ẹni tó gba nọ́mbà 3 lónìí lè gba nọ́mbà 20 lọ́la, torí iye èèyàn tó wà níbẹ̀ ló ń sọ nọ́mbà téèyàn máa gbà. Àkójọ ìwé ìtọ́kasí tí ẹ̀yin fúnra yín tò sẹ́yìn iṣẹ́ yín ló ń bí lẹ́tà, inú iṣẹ́ yẹn nìkan ló sì ti nítumọ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tó fi èyí hàn kedere. Lọ́dún 1905, Albert Einstein gbé àpilẹ̀kọ mẹ́rin tó di olókìkí jáde nínú jọ́nà kan ṣoṣo, Annalen der Physik. Ti ìmọ́lẹ̀ jáde ní oṣù kẹfà, ti bí àwọn nǹkan tíntìntín ṣe ń rìn káàkiri nínú omi jáde ní oṣù keje, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí rẹlatífítì jáde ní oṣù kẹsàn-án, èyí tí E = mc² ti jáde wá sì tẹ̀ lé wọn ní oṣù kọkànlá. Òpìtàn tó bá ń tò wọ́n bí oṣù ṣe tẹ̀ léra á pe ti ìmọ́lẹ̀ ní 1905a, á sì pe èyí tó kẹ́yìn ní 1905d. Ẹlòmíràn tó bá ń fi ábídí àkọlé to ìwé tirẹ̀ á rí i pé èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ àkọlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pé "Ist" ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó jáde kẹ́yìn, pé "Über die" àti "Über einen" ló bẹ̀rẹ̀ ti nǹkan tíntìntín àti ti ìmọ́lẹ̀, àti pé "Zur" ló bẹ̀rẹ̀ ti rẹlatífítì. Lọ́wọ́ ẹni yìí, èyí tó jáde kẹ́yìn ló di 1905a, ti ìmọ́lẹ̀ sì bọ́ sí 1905c.

Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, bí ìlànà tí kálukú wọn ń tẹ̀ lé bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ìwé òpìtàn yẹn, tó da "Einstein, 1905a" kọ síbi tó ti ń ṣàlàyé ìmọ́lẹ̀, tó sì lọ fi ábídí to àkójọ tirẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ, àpilẹ̀kọ mìíràn pátápátá ló ń tọ́ka sí. Tó bá sì jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló lò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò yẹ kí lẹ́tà kankan wà níbẹ̀ rárá: (Einstein, 1905) ti tó. Lẹ́tà kì í wà láìní ẹnìkejì. Bí ẹ bá rí "1905b" nínú iṣẹ́ kan tí ẹ ò rí "1905a" nínú àkójọ rẹ̀, ó dájú pé ẹni tó kọ ọ́ yọ ìwé kan kúrò láìtún lẹ́tà ṣe, tàbí pé ó dà á kọ láti ibòmíràn.

Títò ló ń ṣáájú, lẹ́tà ló ń tẹ̀ lé e

Ìlànà méjì tí wọ́n ń lò jù nínú ètò orúkọ-àti-ọdún, ìyẹn APA àti Chicago, fohùn ṣọ̀kan lórí bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ kó gbogbo ìwé òǹkọ̀wé yẹn tó jáde lọ́dún yẹn jọ. Ẹ tò wọ́n bí ábídí ṣe to àkọlé wọn. Ìgbà tí ẹ bá tò wọ́n tán lẹ óò tó wá fi a, b, c sí wọn láti òkè wá sílẹ̀. Lẹ́tà kékeré ni, kì í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí lẹ́tà àkọlé ìwé ṣe máa ń tẹ̀, kì í sì í sí àlàfo láàárín òun àti ọdún.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń tan èèyàn. Tí àkọlé èdè Gẹ̀ẹ́sì bá fi A, An tàbí The bẹ̀rẹ̀, ẹ fo ìyẹn, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e tò ó. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé Wọlé Ṣóyínká wò ó, torí ọdún 1973 jẹ́ ọdún tí ìwé rẹ̀ rọ̀ jáde bí òjò. Ẹ ká sọ pé mẹ́ta nínú wọn lẹ lò: Season of Anomy tó jẹ́ ìtàn àròsọ, Camwood on the Leaves tó jẹ́ eré orí rédíò, àti The Bacchae of Euripides tó jẹ́ eré orí ìtàgé. Ẹni tó bá ka The mọ́ ọn á fi Camwood ṣe "a", Season á di "b", Bacchae á sì lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Àmọ́ B la fi ń to Bacchae, kì í ṣe T. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí (mo yọ orúkọ ilé ìtẹ̀wé kúrò kí ojú lè tètè rí ohun tí à ń sọ):

```
Soyinka, W. (1973a). The Bacchae of Euripides...
Soyinka, W. (1973b). Camwood on the leaves...
Soyinka, W. (1973c). Season of anomy...
```

Ẹ kíyè sí i pé The ṣì wà lára àkọlé. A kàn ń fò ó nígbà tí a bá ń tò ni, a ò pa á rẹ́. Láàárín ọ̀rọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìtàn àròsọ yẹn á kọ (Soyinka, 1973c). Tó bá fẹ́ tọ́ka sí eré méjèèjì pọ̀, á kọ (Soyinka, 1973a, 1973b), á sì tún ọdún kọ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn jọ́nà kan máa ń gbà kí èèyàn gé e kúrú sí 1973a,b, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ àyàfi tí ẹ bá rí i nínú ìlànà tiwọn.

Ohun tí wọ́n ń pè ní Harvard ló nílò ìṣọ́ra. Kò sí ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ayé gbà pé ó jẹ́ ìlànà Harvard. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó tẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àwọn kan ń fi ábídí àkọlé tò ó bíi ti APA. Àwọn kan sọ pé ìwé tí ẹ kọ́kọ́ tọ́ka sí nínú ọ̀rọ̀ yín ni "a", èyí tó tẹ̀ lé e ni "b". Nítorí náà tí alábòójútó yín bá ní "Harvard ni kí ẹ lò," ẹ béèrè ìwé ìlànà ẹ̀ka yín, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa òǹkọ̀wé kan lọ́dún kan. Èyí tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni kí ẹ gbà, kódà bí ọ̀rẹ́ yín ní yunifásítì mìíràn bá ní ọ̀tọ̀ ni tiwọn.

Àkọlé Yorùbá ńkọ́?

Ti Fágúnwà rọrùn. Igbó àti Ìrèké, I ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì, àmì ohùn kò sì yí ipò lẹ́tà padà, nítorí náà lẹ́tà kejì la óò wò. Ìbáà jẹ́ gb lẹ kà sí lẹ́tà kan tàbí g nìkan lẹ wò, ó ń ṣáájú r. Igbó Olódùmarè ni 1949a, Ìrèké Oníbùdó ni 1949b.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń rọrùn báyẹn. Nínú ábídí Yorùbá, gb dá dúró gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà kan lẹ́yìn g, ẹ wà lẹ́yìn e, ọ wà lẹ́yìn o, ṣ sì wà lẹ́yìn s. Ẹ ká sọ pé òǹkọ̀wé kan ní àpilẹ̀kọ méjì lọ́dún kan, tí àkọlé ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Gèlè" tí èkejì sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Gbogbo". Ábídí Yorùbá á fi Gèlè ṣáájú, torí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú g gbọ́dọ̀ tán ká tó dé gb. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò sí èdè Gẹ̀ẹ́sì á fi Gbogbo ṣáájú, torí b ń ṣáájú e lọ́dọ̀ tirẹ̀. Irú èyí á ṣẹlẹ̀ sí "Ẹyẹ" àti "Ewé" náà: lọ́dọ̀ wa Ewé ló kọ́kọ́, torí e ń ṣáájú ẹ, kọ̀ǹpútà tí kò bá ka àmì ìsàlẹ̀ sí nǹkan á wo lẹ́tà kejì, á ní w ń ṣáájú y, ó á sì bọ́ síbi kan náà, àmọ́ kò bọ́ sí i lọ́nà tó yẹ. Ẹ fi "Ẹbí" rọ́pò Ẹyẹ, ẹ óò rí i pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí kálukú wọn máa já sí.

Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ tí a bá fi Yorùbá kọ, ábídí Yorùbá ló yẹ ká fi to àkójọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ òǹkọ̀wé àti àkọlé pọ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó kàn ní àwọn ìwé Yorùbá nínú, ẹni tó ń kà á á máa fi ojú ábídí Gẹ̀ẹ́sì wá nǹkan, ẹ fi ìyẹn tò ó fún un. Ohun tí kò dáa ni kí ẹ da méjèèjì pọ̀ nínú àkójọ kan, kí orúkọ òǹkọ̀wé máa tẹ̀ lé ábídí kan, kí lẹ́tà ẹ̀yìn ọdún sì máa tẹ̀ lé òmíràn.

Ọjọ́ tí ìwé tuntun bá wọlé

Ibi tí iṣẹ́ gan-an ti ń bàjẹ́ nìyí, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹ padà sọ́dọ̀ ìwé Ṣóyínká mẹ́ta yẹn. Ẹ ti kọ orí mẹ́rin tán, ẹ sì ti kọ 1973c síbi púpọ̀ tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ nípa Season of Anomy. Alábòójútó ka iṣẹ́, ó ní kí ẹ fi Collected Plays 1 àti The Jero Plays kún un. Ọdún 1973 kan náà ni àwọn méjèèjì jáde. Ẹ fi wọ́n síbi tó yẹ wọ́n nínú àkójọ, ẹ tún lẹ́tà tò:

```
1973a  The Bacchae of Euripides
1973b  Camwood on the leaves
1973c  Collected plays 1
1973d  The Jero plays
1973e  Season of anomy
```

Àkójọ yìí pé, ó sì dára lójú. Àmọ́ gbogbo 1973c tó wà nínú orí mẹ́rin yẹn ti di Collected Plays. Kò sí pupa kankan tí kọ̀ǹpútà máa fà sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wò bóyá ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan wà nínú àkójọ á rí i pé 1973c wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó mọ ìwé wọ̀nyẹn dunjú nìkan ló máa ka gbólóhùn yín lórí ìtàn àròsọ, tó máa rí i pé àkójọpọ̀ eré orí ìtàgé lẹ tọ́ka sí, tí á sì máa rò pé ẹ ò ka ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ọ̀nà tó dáa jù láti yẹra fún èyí ni pé kí ẹ má ṣe fi lẹ́tà sí nǹkan kan títí iṣẹ́ á fi parí. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan láti inú àkọlé dípò lẹ́tà, kí ẹ kọ ọ́ lọ́nà tí ojú kò lè fò ó:

```
(Soyinka, 1973-SEASON)
(Soyinka, 1973-CAMWOOD)
```

Bó wù kí ìwé pọ̀ sí i tàbí dín kù, èyí kò ní ṣìnà. Lọ́jọ́ tí àkójọ bá pé, ẹ tẹ `Ctrl+H`, kí ẹ fi 1973e rọ́pò 1973-SEASON níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyókù.

Tó bá wá jẹ́ pé lẹ́tà ti wà nínú iṣẹ́ kí àyípadà tó dé, ẹ lè ṣì fi `Ctrl+H` ṣe é, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń tẹ̀ lé e ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ ká sọ pé ìwé kan wọlé tó sún b di c, tó sì sún c di d. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ gbogbo 1973b di 1973c, b tó di c àti c ti tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀kan náà nìyẹn. Tí ẹ bá wá sọ 1973c di 1973d, àtèyí tó yẹ àtèyí tí kò yẹ ló máa di d, kò sì sí bí ẹ ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́ àyàfi kí ẹ ka gbogbo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ìwé bá wọlé, láti ìsàlẹ̀ lẹ óò ti bẹ̀rẹ̀: c di d ná, kí b tó di c. Nígbà tí ẹ bá yọ ìwé kúrò, òdìkejì ni. Ká ní Bacchae lẹ yọ nínú márùn-ún yẹn, láti òkè lẹ óò ti bẹ̀rẹ̀: b di a, c di b, d di c, e di d. Ìdí rẹ̀ kò ju pé lẹ́tà tí ẹ fẹ́ sún nǹkan sí gbọ́dọ̀ ti ṣófo kí ẹ tó sún un.

Nọ́mbà ojú ewé máa ń tú àṣírí bí lẹ́tà bá ṣìnà. Eré kékeré ni Camwood on the Leaves. Bí ẹ bá rí (Soyinka, 1973b, p. 240) nínú iṣẹ́ yín, kò sí ojú ewé 240 nínú ìwé náà, lẹ́tà yẹn ti lọ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo máa ń gba àwọn tó bá béèrè nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó gbogbo ìtọ́kasí tó ní 1973 nínú jọ pẹ̀lú `Ctrl+F`, kí wọ́n sì fi nọ́mbà ojú ewé ọ̀kọ̀ọ̀kan wé bí ìwé rẹ̀ ṣe nípọn tó.

Ibi tí kò yẹ kí lẹ́tà wà

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti rí ọdún méjì tó bára mu, lẹ́tà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo òǹkọ̀wé ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kí wọ́n sì tẹ̀ léra bákan náà, kí lẹ́tà tó wọ̀ ọ́. Bí Lágbájá àti Tàmẹ̀dò bá jọ kọ ìwé ní 2018, tí Lágbájá àti Làkáṣègbè sì jọ kọ òmíràn lọ́dún náà, kò sí a, kò sí b níbẹ̀. Orúkọ kejì ti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí Tàmẹ̀dò bá ṣáájú nínú ìwé kan tí Lágbájá sì ṣáájú nínú èkejì: ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ó máa ń rúni lójú tí òǹkọ̀wé bá pé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí APA ní ká kọ ẹni àkọ́kọ́ nìkan ká sì fi "et al." tẹ̀ lé e. Ìwé méjì tí òǹkọ̀wé wọn yàtọ̀ lè wá dà bí ọ̀kan náà láàárín ọ̀rọ̀. Lẹ́tà kọ́ ló máa tún un ṣe. Orúkọ kejì, tàbí ìkẹta bó bá gbà bẹ́ẹ̀, lẹ óò kọ jáde títí méjèèjì á fi yàtọ̀ síra. Bó bá sì jẹ́ pé èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àbísọ wọn la fi ń yà wọ́n, ìyẹn náà kò kan a àti b.

Àjọ tó ń tẹ nǹkan jáde lójoojúmọ́

Àwọn tó ń kọ iṣẹ́ lórí ìlera tàbí ọrọ̀ ajé ló máa ń bá lẹ́tà jà jù, torí òǹkọ̀wé tiwọn kì í ṣe èèyàn, àjọ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé lè tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé jáde lọ́dún kan, orúkọ àjọ náà ni a sì ń kọ síbi orúkọ òǹkọ̀wé. Níbí, ìwé kan lè ní ọdún nìkan, òmíràn lè ní ọdún, oṣù àti ọjọ́, torí ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni.

APA ní kí àwọn tó ní ọdún nìkan ṣáájú, kí ábídí àkọlé tò wọ́n láàárín ara wọn. Àwọn tó ní oṣù tàbí ọjọ́ á wá tẹ̀ lé wọn, ọjọ́ ló sì ń to àwọn wọ̀nyẹn. Lẹ́tà á gba àárín gbogbo wọn kọjá láìdúró:

```
(2020a)
(2020b)
(2020c, April)
(2020d, July 15)
```

Nínú àkójọ ni oṣù àti ọjọ́ máa ń hàn. Láàárín ọ̀rọ̀, 2020d nìkan la óò kọ. Ẹ má rò pé nítorí pé oṣù wọn yàtọ̀, lẹ́tà kò pọn dandan: ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yín kò rí oṣù kankan nínú àkámọ́. Ìwé tí kò ní ọdún rárá, n.d. la ń kọ fún un, àmì kékeré kan á sì wà láàárín òun àti lẹ́tà rẹ̀: n.d.-a, n.d.-b. Àwọn aláìlọ́dún yìí ló ń ṣáájú gbogbo àwọn tó ní ọdún nínú àkójọ.

Tí ẹ bá ń lo Zotero

Zotero, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń báni kó ìwé ìtọ́kasí jọ, àti irú rẹ̀ ń fi lẹ́tà sí i fúnra wọn, wọ́n sì ń tún un tò nígbàkigbà tí ìwé bá wọlé tàbí jáde. Nítorí náà ẹ má ṣe tẹ "1973a" síbi tí wọ́n ti ní kí ẹ kọ ọdún. 1973 nìkan ni kí ẹ tẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ síbẹ̀ kò ní yí padà nígbà tí àkójọ bá yí padà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nítorí ìyẹn gan-an lẹ ṣe ń lo Zotero.

Ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ jù nípa rẹ̀ ni pé kò fi lẹ́tà síbi tó yẹ kó fi sí, pé (Soyinka, 1973a) lẹ ń retí, (W. Soyinka, 1973) àti (Wole Soyinka, 1973) lẹ rí. Ọ̀nà méjì ni ẹ gbà kọ orúkọ náà nínú àwọn ìwé tí ẹ kó pamọ́, bóyá torí pé orí ìkànnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ti fà wọ́n wọlé: "Soyinka, W." wà lára ọ̀kan, "Soyinka, Wole" wà lára èkejì. Lójú Zotero, èèyàn méjì nìyẹn, ó sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀ bí a ṣe ń ya àwọn tó jọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan sọ́tọ̀. Ẹ ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ náà bákan náà nínú gbogbo wọn, tó fi mọ́ àmì ohùn, torí "Ṣóyínká" àti "Soyinka" kì í ṣe ọ̀kan náà fún kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ `Refresh` nínú Word, lẹ́tà á sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ wo bó ṣe to àkọlé tó ní The, A tàbí gb nínú, torí ibẹ̀ ni ojú yín ti lè rí ohun tí kò rí.